Bí Owó Bá Já Lágbedeméjì: Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ sí Owó Tí Ẹ Ti Kó Jọ Lórí Ilé À-ń-gbé-à-ń-rà?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé sí ilé-iṣẹ́ wa nígbàkígbà tí a bá sọ̀rọ̀ nípa ilé lórí afẹ́fẹ́, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà béèrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń sanwó lórí ilé kan láti bí ọdún méjì ààbọ̀. Wọ́n ní tí mo bá san án tán, á di tèmi. Nǹkan wá le, mi ò rí owó oṣù mẹ́rin san. Onílé ní kí n máa kó ẹrù mi. Ṣé gbogbo owó mi ti wọgbó nìyẹn?"

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun tó máa dáhùn ìbéèrè yìí ni iye ọdún tí èèyàn ti lò nínú ilé, tàbí iye owó tó ti san. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè ni orúkọ tí ìwé àdéhùn pe owó náà. Owó kan náà, tí ọwọ́ kan náà san, lè padà sí àpò yín tàbí kó gbé, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ilé à-ń-gbé-à-ń-rà, nítorí àwọn éjẹ́ǹtì ti fi orúkọ náà pe oríṣiríṣi nǹkan. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò san owó kan sílẹ̀, yóò kó wọlé, yóò sì máa san iye kan lóṣooṣù. Iye oṣooṣù yẹn ju owó ilé tí aládùúgbò rẹ̀ ń san lọ. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ owó ilé lásán, bíi ti ayálégbé gbogbo. Apá kejì ni wọ́n ń kà mọ́ iye tí wọ́n fẹ́ ta ilé náà. Apá kejì yìí ni a ó máa pè ní owó àkójọ nínú àpilẹ̀kọ yìí, òun náà sì ni ìjà máa ń wà lé lórí bí owó bá já.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tọ́ ọ. A kàn dá a sílẹ̀ ni, kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Ká pe obìnrin náà ní Ìyá Bùsáyọ̀, ó ń ta aṣọ, ó sì gba ilé oníyàrá méjì kan ní agbègbè Ìkòròdú. Iye tí wọ́n fẹ́ ta ilé náà jẹ́ 12,000,000 náírà. Ó san 1,200,000 sílẹ̀. Lóṣooṣù, ó ń san 150,000: wọ́n ní 90,000 jẹ́ owó ilé, 60,000 jẹ́ owó àkójọ. Àdéhùn náà jẹ́ ti ọdún márùn-ún. Tó bá parí, owó àkójọ á ti di 3,600,000, pẹ̀lú 1,200,000 àkọ́kọ́, á wá ku 7,200,000 tí yóò san lẹ́ẹ̀kan tàbí tí yóò yá ní báǹkì.

Ó san án fún ọgbọ̀n oṣù láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ọjà dẹnu kọlẹ̀, oṣù mẹ́rin kọjá láìsan. Títí di ìgbà yẹn, 5,700,000 náírà ló ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: 1,200,000 tó san sílẹ̀, 2,700,000 owó ilé, àti 1,800,000 owó àkójọ. Onílé sì ti kọ̀wé sí i pé òun ti fagi lé àdéhùn.

Ká tètè gbé owó ilé kúrò nílẹ̀. 2,700,000 yẹn kò ní padà wá, kò sì yẹ kó padà wá, nítorí ó ti gbé inú ilé náà fún oṣù tó san owó lé lórí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni 1,200,000 àti 1,800,000.

Lórí owó tó san sílẹ̀, ohun tí òfin wa jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé owó àsansílẹ̀ jẹ́ ohun ìdúró. Ẹni tó san án ń sọ pé "mi ò ní yẹ̀ àdéhùn," tó bá sì yẹ̀ é, ẹni tó ń tà lè mú un, kódà bí ìwé kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ilé ni àṣà mọ̀. Ẹjọ́ kan wá láti Jàmáíkà sí ìgbìmọ̀ Pírífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993. Báǹkì kan ta ilé ní gbàǹjo, ó sì gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀. Ẹni tó rà á pẹ́ díẹ̀ kó tó san ìyókù, báǹkì sì fẹ́ gbé gbogbo owó náà mì. Ìgbìmọ̀ ní owó yẹn ti pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè pè ní àsansílẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí báǹkì dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ó yọ kìkì àdánù tó bá lè fi ẹ̀rí gbé lẹ́sẹ̀. Ẹjọ́ láti ibẹ̀ kò de àwọn kóòtù wa lọ́wọ́ mọ́ láti 1963, ṣùgbọ́n lọ́yà lè gbé e kalẹ̀ níwájú adájọ́ wa kí ó lè tọ́ka sí ọ̀nà. Fún Ìyá Bùsáyọ̀, 1,200,000 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá géérégé. Ká má tan ara wa, owó yẹn ti lọ.

Ó wá ku 1,800,000 owó àkójọ. Ibí yìí ni orúkọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká wo oríṣi ìwé mẹ́ta.

Nínú ìwé kìíní, wọ́n kọ ọ́ pé 60,000 oṣooṣù jẹ́ "apá kan iye tí a ta ilé", wọn kò sì kọ ohunkóhun nípa pé ó máa gbé bí owó bá já. Ìwé yìí ló dára jù fún ẹni tó ń rà. Owó tí èèyàn san lára iye ọjà yàtọ̀ sí owó àsansílẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá fagi lé àdéhùn tó sì gba ilé rẹ̀, kò lè ní ilé kó tún ní owó tí wọ́n fi ń ra ilé. Ẹjọ́ kan láti Sìǹgápọ̀, tí Pírífì Káńsù kan náà dá ní 1924, jọ èyí gan-an. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ san owó àsansílẹ̀, ó tún san ẹ̀ẹ̀mejì lé e, ìyókù sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Owó àsansílẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n dá ìsan méjèèjì tó tẹ̀ lé e padà fún un.

Báwo ni ìṣirò náà ṣe máa lọ? Onílé máa yọ owó ilé oṣù mẹ́rin tí kò san, ìyẹn 360,000. Kò gbọ́dọ̀ yọ 600,000, nítorí 60,000 oṣooṣù tó kù jẹ́ owó ìrà, àdéhùn ìrà náà sì ti parí. Bó bá tún ilé náà tà ní 11,500,000, ó pàdánù 500,000, ṣùgbọ́n 1,200,000 tó ti mú tẹ́lẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dí i. Nítorí náà, 1,440,000 náírà ló yẹ kó padà sọ́wọ́ Ìyá Bùsáyọ̀. Bí ó bá ba ilé jẹ́, wọ́n á yọ owó àtúnṣe. Bí ilé bá tà jù 12,000,000 lọ, bó ṣe sábà máa ń rí níbi tí iye ilé ń gòkè, onílé kò ní àdánù kankan lórí ìtà.

Ìwé kejì jọ ti kìíní lójú, èèyàn sì lè kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má rí ìyàtọ̀. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé owó oṣooṣù jẹ́ 150,000 owó ilé. Wọ́n wá fi kún un pé bí ayálégbé bá lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ra ilé kí ọdún márùn-ún tó pé, tí kò sì jẹ gbèsè kankan, a ó yọ 60,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan kúrò nínú iye ilé. Ẹ tún un kà. Kò sí owó àkójọ kankan nílẹ̀ nínú ìwé yìí. Gbogbo 150,000 jẹ́ owó ilé, wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ṣèlérí jẹ́ ẹ̀dínwó, ẹ̀dínwó sì máa ń wà fún ẹni tó bá dé orí káńtà nìkan. Lábẹ́ ìwé yìí, 1,800,000 yẹn jẹ́ òǹkà nínú ìwé ìṣirò onílé, kì í ṣe owó Ìyá Bùsáyọ̀. Bí owó bá já, kò sí ohun tí kóòtù máa pàṣẹ pé kí wọ́n dá padà. Èyí tó tún le jù ni pé kóòtù máa ń mú ẹ̀tọ́ láti rà bó ṣe wà nínú ìwé gan-an. Bí ìwé bá ní kò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè lọ́jọ́ tó fẹ́ lò ó, gbèsè kékeré kan tó láti tì í pa.

Nínú ìwé kẹta, wọ́n gbà pé owó àkójọ jẹ́ apá kan iye ilé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ gbangba pé bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá láìsan, gbogbo ohun tó ti san máa di ti onílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé "mo ti buwọ́ lù ú, ó ti tán." Kò tán, àmọ́ kò rọrùn. Kóòtù ní agbára láti wo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bóyá ìyà tí kò bójú mu ni. Ohun tí adájọ́ sábà máa ń fi ṣàánú ni àkókò: wọ́n á ní kí ẹni tó ń rà san gbèsè rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kí àdéhùn sì máa lọ. Ẹni tó bá wá sí kóòtù pẹ̀lú owó gbèsè lọ́wọ́ ni irú àánú yìí máa ń bá. Ẹni tí kò ní owó tó kàn ń sọ pé kí wọ́n dá 1,800,000 òun padà, ọ̀nà tirẹ̀ há, nítorí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ láti bí ọdún 1954. Iye tó ti san máa ń wọ̀n níbẹ̀: ẹni tó ku díẹ̀ kó parí kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san oṣù mẹ́ta.

Rìsíìtì yín tún lè ta ko ìwé yín. Mo ti rí ìwé àdéhùn tó pe owó náà ní apá kan iye ilé, tí rìsíìtì oṣooṣù sì ń pè é ní "owó ilé oṣù Ẹẹ́rẹ̀nà", "owó ilé oṣù Igbe", títí lọ. Tí ìjà bá dé, lọ́yà onílé máa to rìsíìtì wọ̀nyẹn sílẹ̀ bí ẹní to páálí ẹja. Ẹ jẹ́ kí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan pín owó náà sí méjì: èyí ni owó ilé, èyí ni ti iye ilé, àti àròpọ̀ owó àkójọ títí di oní. Bí ẹ bá ń fi fóònù ránṣẹ́ láti báǹkì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ ohun tí owó wà fún. Mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn máa ń yá níbẹ̀, tí a ó kàn tẹ "ilé" tí a ó sì lọ.

Àṣìṣe kan tún wà tí a máa ń gbọ́ gan-an, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ti fi sísan díẹ̀díẹ̀ ra mọ́tò rí. Wọ́n á ní òfin sọ pé tí èèyàn bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, wọn kò lè gbà á padà láìsí àṣẹ kóòtù. Òótọ́ ni òfin yẹn wà, Òfin Háyà-Pọ́ṣéèsì ti 1965 ni, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sì ni ti mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọjà tí èèyàn lè gbé kiri ni òfin yẹn wà fún. Ilé kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìyẹn lọ sí kóòtù nítorí ilé kò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Ohun tó wà fún ẹni tó ń gbé inú ilé ni ààbò ayálégbé, ó sì yẹ ká mọ ibi tó mọ. Lábẹ́ Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, onílé kò lè ti ilẹ̀kùn pa, kò lè ká òrùlé, kò lè rán àwọn ọmọọ̀ta wá. Ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìwé, kó sì gba àṣẹ kóòtù. Èyí máa ń fún Ìyá Bùsáyọ̀ ní àkókò díẹ̀, kì í fún un ní owó. Ẹjọ́ tí onílé máa pè jẹ́ ti owó ilé tí kò san àti ìjáde, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n máa ń pè é ní kóòtù Májísíréètì. Kóòtù yẹn kì í dá ẹjọ́ ẹni tó ni ilé. Bí Ìyá Bùsáyọ̀ bá kàn dìde tó sọ pé "lóòótọ́ ni mo jẹ gbèsè oṣù mẹ́rin, ẹ ṣàánú mi," adájọ́ á pàṣẹ kó jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní mẹ́nu kan 1,800,000. Lọ́yà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ayálégbé lásán, pé àdéhùn ìrà wà, kó sì gbé ẹjọ́ owó àkójọ lọ sí Kóòtù Gíga.

Àwọn tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lè gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu wọn, ó sì yẹ ká yà á sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi òfin ibòmíràn jà níbí. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Húsítọ̀nù, ní ìpínlẹ̀ Tẹ́ksáàsì, ìpínlẹ̀ yẹn sì ti fi òfin dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2005, ilé tí wọ́n fi háyà ìgbé àti ẹ̀tọ́ láti rà pọ̀ ti wà lára àdéhùn ìtà ilé tí òfin ń ṣọ́. Kí onílé tó gba ilé, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé tó fi lẹ́tà ńlá dúdú sọ ohun tí ẹni náà jẹ, kó sì fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san án. Àdéhùn kò sì gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn pé owó ẹ̀tọ́-láti-rà máa gbé nítorí pé ìsan kan pẹ́. Ààbò tó lágbára jù tún wà, pé ẹni tó ti san ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tàbí oṣù méjìdínláàádọ́ta gbọ́dọ̀ ní ọgọ́ta ọjọ́, onílé kò sì lè kàn gba ilé kó tún gbé owó mì. Àmọ́ àwọn tó buwọ́ lu ìwé pé àwọn ń ra ilé tààrà, tí ìwé ilé kàn wà lọ́wọ́ onílé títí wọn ó fi san tán, ni ìyẹn wà fún. Ẹni tó ń háyà pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti rà kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí títí ọjọ́ á fi pé.

Ètò ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2016, yàtọ̀ díẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní kí èèyàn san sílẹ̀, ìyókù di ti ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́fà tí kì í yí padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni èlé. Níbi tí èlé bá wà, kì í ṣe gbogbo owó oṣooṣù ló ń wọ ara iye ilé, èlé ló sì máa ń kó apá ńlá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ẹ béèrè fún ìwé ìṣirò tó fi oṣù kọ̀ọ̀kan hàn kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Bí owó bá ti fẹ́ já, ẹ kọ̀wé sí onílé ṣáájú ọjọ́ ìsan, kí ẹ béèrè fún àròpọ̀ owó àkójọ yín nínú ìwé. Onílé máa ń tètè kọ ọ́ nígbà tí kò tíì sí ìjà. Bó bá ti ń gba owó tó pẹ́ lọ́wọ́ yín láti ẹ̀yìn wá láìsọ̀rọ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀rí ìyẹn pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ti ń gbà á bẹ́ẹ̀ kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ọjọ́ kan péré ti ba àdéhùn jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀. Ẹ tún lè wá ẹlòmíràn tó máa gba àdéhùn náà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú owó àkójọ inú rẹ̀, bí ìwé bá gbà á tí onílé sì fọwọ́ sí i.

Ìwé tó léwu jù kì í sábà jẹ́ èyí tí ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, éjẹ́ǹtì lè mú bébà kékeré kan wá pé kí ẹ fi buwọ́ lùwé pé ẹ ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí wọ́n lè "dárí gbèsè jì yín". Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ẹnìkejì kò jẹ ẹnìkejì ní nǹkankan mọ́. Ìyá Bùsáyọ̀ tó bá buwọ́ lu ìyẹn lábẹ́ ìwé kìíní ti fi gbèsè 360,000 tí wọ́n dárí rẹ̀ jì í ta 1,800,000. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà pẹ̀lú rìsíìtì tó sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan, kí ẹ sì mú bébà yẹn lọ fún lọ́yà kí ẹ tó fi báírò kàn án.